Súpáfáísọ̀ Tí Kò Lẹ́nì Kan Lábẹ́

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹnìkan bá sọ fún èmi náà pé wọ́n fi agbára kún agbára ọkùnrin kan lọ́jọ́ Ajé, tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì mọ́ tí kò lè fún ìyá arúgbó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, n óò ní kí onítọ̀hún lọ wẹ̀ kí ó sì sùn. Ṣùgbọ́n èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, ní ìsọ̀ mi, ní Ilare, ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, lójú gbogbo àdúgbò. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn ní òdìkejì títì. Yóò rò ó fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín, yóò sì bu irọ́ díẹ̀ sí i.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá, mo sì fẹ̀yìn tì kí ohùn mi tó há tán. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì ni ìyàwó mi lọ bá ọmọ wa obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní ìlú òyìnbó. Oṣù mẹ́ta ló dá. Ọmọ jòjòló náà ti ń lọ sí iléèwé báyìí, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi lórí fóònù. Ìyàwó mi ṣì ń dá oṣù mẹ́ta.

Ilé wá tóbi jù. Mo máa ń gbọ́ tí firíìjì bá ń mí. Ìdí tí mo fi ṣí ìsọ̀ POS síwájú ilé nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín pé nítorí èrè ni. Ohùn ènìyàn ni mo ń wá. Mo kan pátákó, mo gbé bẹ́ǹṣì kan síwájú rẹ̀, mo sì di éjẹ́ǹtì iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí mo ṣì ń jẹun lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó ń gbé orí bẹ́ǹṣì náà jù lọ ni Alhaji oníwà-tútù kan tó ń ta ẹ̀wà ní Sábó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Òkè Ọya ni wọ́n bí bàbá rẹ̀, ó sì gbọ́ Ifẹ̀ jù mí lọ. Ó jù mí lọ́jọ́ orí pẹ̀lú, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Àràárọ̀ ló máa ń gbé owó ọjà wá nínú ọ̀rá dúdú, kí n bá a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ẹ̀wà fún un lókè lọ́hùn-ún. Kò fẹ́ kí owó òun máa gbé inú fóònù tirẹ̀. Ó ní fóònù òun ti jábọ́ sínú kànga rí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó inú rẹ̀? Mo ti ṣàlàyé títí. Lẹ́yìn tí owó bá lọ tán, yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún tó máa ń dùn ún, a óò sì máa bá ayé wí títí oòrùn yóò fi lé wa wọlé. Wákàtí kan yẹn ni ọjọ́ mi. Èyí tó kù, dídúró dè é ni.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni límíìtì. Lórí áàpù iléeṣẹ́ wa, ipò mẹ́ta ló wà. Éjẹ́ǹtì ló wà nísàlẹ̀: òun ló ń gbowó, tó ń sanwó, tó ń fowó ránṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni ó lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kọ iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó náà kò ní lọ, yóò dúró kí súpáfáísọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Súpáfáísọ̀ lè fọwọ́ sí ohunkóhun tí kò bá ju mílíọ̀nù kan lọ. Èyí tó bá kọjá ìyẹn di ti súpà-éjẹ́ǹtì, ẹni tó kó gbogbo wa jọ. Ètò tó dára ni. Àléébù rẹ̀ kò ju pé súpáfáísọ̀ tí wọ́n fún gbogbo títì wa wà ní Òṣogbo, ọkùnrin kan tí n kò rí rí, tí kì í gbé fóònù, tí kì í fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí ẹ bá kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, yóò dúró lórí áàpù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò sì kú.

Nítorí náà, mo máa ń gé owó Alhaji sí wẹ́wẹ́. Igba, igba, èyí tó kù. Lọ́jọ́ kan, èyí àárín kọ etí ikún. Èyí àkọ́kọ́ dé, ìkẹta dé, ìkejì kò dé títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀wà fún un ní kò sẹ́ni tí í fi owó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ra ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Alhaji jókòó, kò na ẹsẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, o mọ̀ pé mi ò fẹ́ sọ eléyìí. Bí o kò bá lè máa fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, n óò máa lọ sí báǹkì ní Lágere."

"Alhaji, báǹkì? Ta ló máa bá yín ṣàwàdà ní báǹkì? Máńjà?"

"Wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo wo bẹ́ǹṣì yẹn, mo sì rí bí yóò ṣe rí lófìfo. Mo mú fóònù, mo kọ̀wé sí súpà-éjẹ́ǹtì wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, lọ́nà kan mo lè sọ pé èmi ni mo tọ́ ọ: mo kọ́ ọ ní girama Yorùbá ní kíláàsì kẹta, ó sì gba òdo lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo kọ sí i kò ju báyìí lọ: "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, gbé mi sókè."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Èmi tí mo ti fi ìkọ̀wé pupa fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ létí pé wọn kò sọ ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ń ṣe lé lórí. Límíìtì mi ni kí ó gbé sókè. Èmi kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni èsì dé sórí áàpù pé wọ́n ti gbé mi sí ipò súpáfáísọ̀, límíìtì mílíọ̀nù kan náírà. Mo pariwo. Mo ra ìgò mọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí, títí kan obìnrin abẹ́ agboòrùn, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀tá mi ni nínú òwò. Ó gba mọ́ọ̀tì tirẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Súpáfáísọ̀ ta ni yín, Tíṣà?"

"Súpáfáísọ̀ ni mí, ó tán."

"Mo ní ti ta ni?"

Mo rò pé ìlara ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yìnkùlé wa wá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo ki káàdì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní ipò mi kò ní àyè láti ṣe é. Mo ṣí áàpù. Ibi ìfowóránṣẹ́ ti lọ. Ibi ìgbowó ti lọ. Ohun mẹ́ta péré ló kù: Àwọn Éjẹ́ǹtì Rẹ, Ohun Tó Ń Dúró De Ìfọwọ́sí, Ìròyìn. Mo tẹ èkíní. Òdo. Mo tẹ èkejì. Òdo. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà mi wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, àpò owó orí áàpù, níbẹ̀, mo ń wò ó, ó ń wò mí. Éjẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ mi nìkan ni mo lè fi ránṣẹ́ sí, n kò sì ní.

Ìyá náà gba káàdì rẹ̀. "Ṣé kò sówó lọ́wọ́ yín ni?"

"Ó wà, Màmá. Wọ́n ti fún mi ní ipò ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, bí ẹni tó gbọ́ pé mo ń ṣàìsàn, ó sì sọdá títì.

Mo pe súpà-éjẹ́ǹtì. Ó kọ́kọ́ kí mi kú oríire. Mo ní kí ó dá mi padà sí éjẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n kí ó fi límíìtì mílíọ̀nù kan náà sílẹ̀ fún mi.

"Kò ṣeé ṣe, sà. Límíìtì kì í ṣe tiyín. Ti ipò ni. Ẹni tó bá kúrò nípò, ó fi límíìtì rẹ̀ síbẹ̀."

"Kí ló dé tí n kò lè ṣe méjèèjì?"

"Kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ tún fọwọ́ sí i fúnra yín? Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé ọmọ kíláàsì lè máa máàkì ìwé ara rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé kò bójú mu."

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo bínú sí ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà.

Ó ní òun rò pé mo fẹ́ fi òwò sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ni, kí n máa bójú tó wọn. Ó ní bí mo bá ti sọ fún òun pé nítorí owó ńlá ni, súpáfáísọ̀ tó ń gbé fóònù ni òun ìbá wá fún mi. Dídá mi padà sì rèé, orí-iléeṣẹ́ ló ń ṣe é: fọ́ọ̀mù tuntun, ìdánimọ̀ tuntun, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ POS ti iléeṣẹ́ mìíràn tí mo ní tẹ́lẹ̀, mo ti dá a padà ní oṣù tó kọjá nítorí pé ariwo rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ kò rí i bí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ṣe ń ṣe.

Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, títí di Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọwọ́ júwe òdìkejì títì. "Ẹ lọ sọ́hùn-ún." Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ dúró mọ́ kí n júwe. Alhaji kò yọjú. Ó ti lọ Ìbàdàn lọ wo ẹrù. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ agboòrùn. Mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tẹ ìwé jáde, ṣẹrẹrẹ. Mo gbá ìwájú ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ní alẹ́, ìyàwó mi bi mí pé báwo ni ọjà. Mo ní wọ́n ti gbé mi sókè. Ó ní inú òun dùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni Alhaji dé, òun àti ọ̀rá dúdú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì náírà. Ẹni tó ni ẹrù ní bí òun kò bá rí alẹ́ẹ̀tì owó kan ṣoṣo kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, òun á ta ẹ̀wà náà fún ẹlòmíràn tó ti dúró ti òun. Báǹkì Lágere kún fọ́fọ́, ìlà èrò ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti débẹ̀, ó ti yí padà.

"Súpáfáísọ̀," ó ní, "mo gbọ́ pé o ti lè ṣe mílíọ̀nù."

Mo ṣàlàyé. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó sì bi mí pé, "Nítorí náà, o lágbára láti gbà, o kò lágbára láti ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Subhanallah. Ó dà bí èmi nílé mi."

A sọdá lọ bá obìnrin náà. Ó tẹ iye owó náà wò: áàpù kọ́kọ́ ní owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tó, igba ó dín díẹ̀ ni. Bí ó bá sì tó pàápàá, ti Òṣogbo ló máa dúró dè. Ó pe ti Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú wa. Fóònù dún, ó dún, ó dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni orí mi ṣí. Mo pe súpà-éjẹ́ǹtì, mo ní kí ó mú obìnrin yìí kúrò lábẹ́ ti Òṣogbo, kí ó fi í sábẹ́ mi. Ó ní ìyẹn wà lọ́wọ́ òun, kò pẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà gbọ́dọ̀ gbà á lórí fóònù tirẹ̀.

Obìnrin náà ká ọwọ́ lérí. "Haa! Tíṣà fẹ́ di ọ̀gá mi."

"Aago méjìlá ti ń lọ, màdáámù," Alhaji wí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ kò ní pè mí ní 'éjẹ́ǹtì mi' lójú èrò. Ẹ kò sì ní wá dúró sábẹ́ agboòrùn mi máa sọ pé kí n kí oníbàárà báyìí, kí n kí i bẹ́ẹ̀yẹn."

"Mo gbà."

"Ẹ búra."

"Àní mo gbà!"

Ìbéèrè yọ lórí fóònù rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Lójú mi ni òdo di ení. Mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ránṣẹ́ sí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì ka iye bẹ́ẹ̀ fún mi nínú owó Alhaji. Ó wá kọ ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì, ó ní, "Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí i."

Mo tẹ̀ ẹ́. Áàpù ní mo ti jìnnà sí ibi tí wọ́n forúkọ mi sílẹ̀ sí. Ìbú títì péré! Mo sáré padà sọ́dọ̀ mi, ọlọ́kadà kan sì bú mi tìyá-tìyá. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn pátákó mi, ó gbà. Ó bi mí ní ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i, ó sì fi àlàfo kékeré kan sílẹ̀. Mo kọ "ẹ̀wà" síbẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi.

Mo gbé ojú sókè. Lódìkejì, ẹ̀rọ obìnrin náà ń tẹ ìwé jáde. Fóònù Alhaji dún. Ó ń fi Hausa sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Orúkọ obìnrin náà ló wà lórí rìsíìtì. Ó juwọ́ sí mi kí ó tó sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Súpà-éjẹ́ǹtì pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní fọ́ọ̀mù mi ti wà nílẹ̀, kí òun fi ránṣẹ́ ni àbí kí òun má fi ránṣẹ́? Bí mo bá padà sí éjẹ́ǹtì, obìnrin náà á padà sábẹ́ ti Òṣogbo, nítorí àwọn súpáfáísọ̀ tó ń gbé fóònù ti kún báyìí, kò sí ẹlòmíràn. Owó ẹ̀wà á tún di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Alhaji á lọ sí Lágere, yóò sì lọ pátápátá. Bí mo bá dúró, yóò máa wá sí títì wa lójoojúmọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni yóò kàn máa wà. Mo ní kí ó ya fọ́ọ̀mù náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbé bẹ́ǹṣì mi sọdá, mo fi sábẹ́ agboòrùn. Ìjókòó kékeré tí obìnrin náà ní kò lè gba ẹsẹ̀ Alhaji. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaji dé. Mo rí i tó jókòó, tó na ẹsẹ̀. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ ẹrù ń kọjá láàárín wa, n kò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù mi dún: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, ó ń dúró de ìfọwọ́sí. Mo ka iye rẹ̀, mo ka orúkọ ẹni tó ń lọ bá. Mo dé ibi àlàfo kékeré yẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá mi bi Alhaji bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́." Mo fọwọ́ sí i.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, ó kà á fún Alhaji. Mo rí i tí Alhaji gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, tó ń jù ú síwá sẹ́yìn kí n lè rí i.

Kò tó wákàtí kan tí súpà-éjẹ́ǹtì fi pè. "Sà, orí-iléeṣẹ́ ń béèrè ohun tó wà nínú ìfọwọ́sí yín òwúrọ̀ yìí. Ibẹ̀ yẹn, ìdí la máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ìkíni."

"Ìdí náà ni mo kọ."

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pa á rẹ́. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ títí, n kò rí i. Súpáfáísọ̀ kò lágbára àtipa ohun tó bá ti kọ rẹ́.